Bí mo ṣe yọ ojú mi nínú òkùnkùn fọ́tò tí fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀

Mo kẹ́yìn sí fèrèsé ní ọ̀sán gangan, mo sì fi fóònù ya ara mi ní fọ́tò kan ṣoṣo kí n tó dìde. Nígbà tí mo wò ó, fèrèsé ń tàn yòò, ojú mi sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Fóònù ti wo ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú gbogbo àwòrán náà, ó rí i pé ó pọ̀ jù, ó dín in kù, ojú mi ni ó sì forí fá a.

Mo ṣí fọ́tò náà nínú Snapseed, áàpù tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, mo wọ Tune Image, mo sì fi ìkánjú fa Brightness sókè. Ojú mi mọ́ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn igi tí ó hàn lójú fèrèsé wọ inú funfun lọ pátápátá. Mo dá a padà sí òdo, mo gbé Shadows, tí ó ń tún ibi tí ó ṣókùnkùn ṣe, dé +45, mo sì fa Highlights, tí ó wà fún ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù, wálẹ̀ sí -30. Àwọn igi náà padà yọjú, àmọ́ òkè fèrèsé, níbi tí ojú ọ̀run yẹ kí ó wà, kàn di àwọ̀ eérú tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Èyí ni àmì pé kò sí ohunkóhun tí ó kù níbẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ti dé 255, èyí tí í ṣe òpin wọn nínú fọ́tò JPEG, bí a bá sì fa gbogbo wọn wálẹ̀ ní ọgbọọgba, eérú nìkan ni yóò jáde. Mo fi Crop gé ibẹ̀ dànù, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Selective, irinṣẹ́ tí ó ń tún ibi kan ṣoṣo ṣe nínú fọ́tò, ni ó ṣe iṣẹ́ gidi. Mo tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo fi ìka méjì fún àyíká rẹ̀ pọ̀ títí àwọ̀ pupa tí ó ń fi ibi tí àtúnṣe náà dé hàn fi mọ sí ojú mi nìkan, mo wá gbé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sókè. Ní +60, òrùka funfun yí irun mi ká bí ẹni pé wọ́n gé orí mi lẹ̀ mọ́ fèrèsé, àwọn èérún pupa àti ewé sì hù lábẹ́ àgbọ̀n mi, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà rí gbà níbẹ̀ kéré púpọ̀. Mo fà á padà sí +35, òrùka náà sì lọ.

Awọ ara mi ṣì ṣú, ó sì fẹ́ jọ búlúù, nítorí náà mo fi Warmth kún un dé +8, mo sì gbé Contrast sókè díẹ̀ kí irun mi lè tún dúdú dáadáa. Nígbà tí mo fẹ fọ́tò náà, mo ṣì rí èérún díẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Kò hàn lójú fóònù, ṣùgbọ́n n kò ní tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá.