Lẹ́tà ńlá nínú ìwé Faransé: ibi tí àwa tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ti ń ṣì í kọ

Ẹ wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Èkó lè kọ sí ilé ìwé kan ní Kútọnu:

« Lagos, le Lundi 3 Mars 2025. Je suis une étudiante Nigériane. Je parle Anglais et Yoruba, et j'apprends le Français. En Août, je vais habiter chez une béninoise. »

Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà lòun, òun ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, òun sì ń kọ́ Faransé. Tó bá di oṣù Kẹjọ, ọ̀dọ̀ obìnrin ará Bẹ̀nẹ̀ kan lòun máa gbé. Gírámà rẹ̀ kò lábùkù. Àmọ́ lẹ́tà ńlá méje ló wà níbi tí kò yẹ kó wà, ẹyọ kan tó sì yẹ kó wà, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá kàwé ní Kútọnu á ti mọ̀ kíá pé Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí ẹni tó kọ ọ́.

Ti ọjọ́ àti oṣù kò le. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo wọn: lundi, mardi, mars, août. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ èdè rí: le français, l'anglais, le yoruba. Tí ọ̀rọ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ló sábà ń gba lẹ́tà ńlá.

Orúkọ ọmọ orílẹ̀-èdè ló ń da ènìyàn láàmú, nítorí ìdajì òfin ni ọ̀pọ̀ ń gbọ́. Wọ́n á ní Faransé kì í fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á wá lọ kọ « un français » fún ọkùnrin ará Faransé. Àṣìṣe ni. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: ṣé ọ̀rọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ka sí ènìyàn, àbí ó kàn ń júwe ọ̀rọ̀ mìíràn? Nínú « une étudiante nigériane », étudiante ni ènìyàn náà. Nigériane ń júwe rẹ̀ ni, ó gba lẹ́tà kékeré. Nínú « chez une Béninoise », kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó dúró fún obìnrin náà. Béninoise ni obìnrin náà gan-an, lẹ́tà ńlá di dandan. Bákan náà ni « un passeport nigérian » yàtọ̀ sí « un Nigérian ». (Ẹ má sì fi e rọ́pò a níbẹ̀ o: nigérien, ará Niger nìyẹn.)

Lẹ́yìn être, tí kò bá sí un tàbí une láàárín, ẹ fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́: « Elle est nigériane ». Tí une bá ti wọlé, ó di « C'est une Nigériane ».

Èdè àti ènìyàn lè jọ wà nínú gbólóhùn kan: « Les Yoruba de Kétou parlent yoruba ». Àwọn ará Kétu gba lẹ́tà ńlá, èdè ẹnu wọn gba kékeré. Lẹ́tà yìí lè yí ìtumọ̀ padà pátápátá. « Le français est difficile », èdè Faransé le. « Le Français est difficile », ọkùnrin ará Faransé náà ni kò ṣeé tẹ́ lọ́rùn. Ẹ ò sì ní fẹ́ kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí olùkọ́ yín.

Lẹ́tà tiwa wá di:

« Lagos, le lundi 3 mars 2025. Je suis une étudiante nigériane. Je parle anglais et yoruba, et j'apprends le français. En août, je vais habiter chez une Béninoise. »

Tí orúkọ méjì bá tẹ̀ lé ara wọn, ti àkọ́kọ́ ló sábà ń jẹ́ ènìyàn: « un Canadien français ». Tí àmì ìsopọ̀ bá so wọ́n pọ̀ láti pe ènìyàn, méjèèjì gba lẹ́tà ńlá, « un Franco-Béninois », ṣùgbọ́n « un accord franco-béninois » kò gba ẹyọ kan.

Orúkọ oṣù pàápàá ní ibi tó ti ń gba lẹ́tà ńlá. Tí déètì bá ti di orúkọ ọdún tí gbogbo ìlú ń ṣe, wọ́n máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ oṣù rẹ̀: « le 14 Juillet » ni àjọ̀dún orílẹ̀-èdè Faransé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Bastille, « le 14 juillet 1789 » ni, torí déètì lásán ni. Ẹ sì ṣọ́ra fún mars: oṣù Kẹta nìyẹn, àmọ́ Mars ni pílánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, fóònù tí wọ́n sì tò sí Gẹ̀ẹ́sì lè sọ ti àkọ́kọ́ di ti ìkejì láìbi yín.

Ẹ̀sìn kò bá orílẹ̀-èdè rìn. Un musulman, un chrétien, lẹ́tà kékeré ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn ni wọ́n ń tọ́ka sí.