"Ó ku ọjọ́ 3" tó ń ṣi àlejò lọ́nà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìpàdé àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà bọ́ sí, ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí. A gbé ìkéde mẹ́ta sórí Instagram: "Ó ku ọjọ́ 3" ní Ọjọ́rú, "Ó ku ọjọ́ 2" ní Ọjọ́bọ̀, "Ọ̀la ni" ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹni méjì wá lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Àwọn mìíràn pè wá lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ní ṣé kì í ṣe ọ̀la ni. Níbo la ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ má bínú sí àwọn tó wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ọjọ́ ni wọ́n ṣe kà á, òní wà nínú rẹ̀. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ Ajé ni ìjẹta. Ọjà ọrọọrún náà ń kọ́? Bí wọ́n bá ná an lónìí, ẹ ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n ó tún ná an. Ẹni tó bá ka Ọjọ́rú mọ́ ọjọ́ 3 yín, ọjọ́ Ẹtì ló máa já sí.

Ti àwọn tó pè yín lálẹ́ yàtọ̀. Instagram kì í to ìkéde bó ṣe jáde tẹ̀ léra. Ó lè gbé ti àná síwájú ènìyàn lónìí. "Ọ̀la ni" tí wọ́n rí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Àìkú ló tọ́ka sí lójú wọn. Ẹ sì wá kọ ọ́ sára àwòrán! Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ṣeé tún kọ lẹ́yìn tó ti jáde, àwòrán fúnra rẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀.

Nítorí náà, orúkọ ọjọ́, déètì àti aago ni kí ẹ kọ gàdàgbà sára àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kíka ọjọ́ ní tirẹ̀, Story ni kí ẹ gbé e sí, tàbí Status orí WhatsApp, torí pé wákàtí 24 péré ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó pòórá. "Ọ̀la ni" kò ní pẹ́ níbẹ̀ tó láti di irọ́ tó ń rìn káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Story tún ní Countdown, tó ń ka ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ lè gba ìránnilétí.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Aago mẹ́jọ alẹ́ la ní kí ohun èlò tó ń bá wa gbé ìkéde jáde máa lò, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìdájí ló ń jáde.

Ìdáhùn: Wákàtí mẹ́jọ géérégé. Ó jọ pé aago Los Angeles ló ń lò nìyẹn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí wọ́n bá yí aago wọn padà ní oṣù kọkànlá, yóò di wákàtí mẹ́sàn-án. Tiwa kì í yí. Ó tún lè mú kí ti Ọjọ́rú jáde ní Ọjọ́bọ̀, kí iye ọjọ́ fi ọ̀kan lé. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń yan agbègbè aago, ẹ yan `Africa/Lagos`. Ẹ má wá Òṣogbo, kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìkéde kékeré kan sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá síwájú, kí ẹ dúró wò ó kí ẹ tó to ti gidi.