Etí Ló Ń Dẹ́rù Bà Yín Nínú Bàálù: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ àti Ohun Tó Ń Fà Wọ́n

Ẹni tó bá ti Iléṣà tàbí Ilé-Ifẹ̀ lọ wọ bàálù, Àkúrẹ́, Ìbàdàn tàbí Ìkẹjà ló sábà máa ń gbà. Kó tó débẹ̀, ihò ojú títì á ti gbé e sókè, á ti jù ú sílẹ̀ láìmọye ìgbà, àyà rẹ̀ kò sì ní já. Ẹni yìí kan náà á wá jókòó sínú bàálù, bàálù á mì díẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Kì í ṣe pé ojo ni. Nínú mọ́tò, ojú ti rí ihò kí ara tó gbọ́ ọ. Nínú bàálù, ojú kò rí nǹkan kan, etí nìkan ló kù tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ, etí a sì máa jíṣẹ́ òdì. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí àwọn tó ń bẹ̀rù bàálù ń ṣe, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ́ńjìnnì ti kú

Ẹ jẹ́ ká fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì tó ń ti Ìkẹjà lọ sí Àbújá ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ ló ń dẹ́rù ba èèyàn jù.

Kí ó tó dé ojú ọ̀nà tí yóò ti sáré, ẹ ó gbọ́ ohùn kan tó ń dún wùùù lábẹ́ ìjókòó. Àwọn abala ẹ̀yìn ìyẹ́ ni wọ́n ń nà jáde, kí ìyẹ́ lè fẹ̀ sí i, kó sì lè gbé ọkọ̀ nílẹ̀ láìtíì sáré púpọ̀. Nígbà tó bá fẹ́ sáré, ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ ké díẹ̀, á dúró lórí ohùn kan náà fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, kó tó bú ramúramù. Àwọn kan a ní ẹ́ńjìnnì kọ̀. Kò kọ̀ o. Awakọ̀ ń dúró kí méjèèjì dọ́gba ni, kí ọ̀kan má baà ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bó ṣe ń sáré, ẹ lè máa gbọ́ gbì-gbì-gbì léraléra nísàlẹ̀: táyà iwájú ló ń gun àwọn iná tí wọ́n rì mọ́ àárín ọ̀nà.

Ó gbéra. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ á hó gan-an lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, nǹkan á lọ̀, lẹ́yìn náà, gbì! Ẹsẹ̀ bàálù ló ká wọlé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló sì padé yẹn.

Ibi tó le ló kàn báyìí. Bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tó gbéra, nígbà tó wà ní nǹkan bí 300 sí 450 mítà sókè, ohùn ẹ́ńjìnnì á ṣàdédé lọ sílẹ̀, imú ọkọ̀ á sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Inú á ṣe bí ẹni tó ń já bọ́. Ìgbà yìí gan-an lẹ máa ń gbọ́ tí ẹnì kan á kígbe “Jésù!” lẹ́yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé awakọ̀ dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, nítorí agbára tí wọ́n fi ń gbéra pọ̀ ju èyí tí gígun òkè ń fẹ́ lọ, wọn kì í sì í lò ó kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, kó má baà tètè gbó. Ọkọ̀ ṣì ń gòkè. Dídín ni ìyára gígòkè rẹ̀ dín.

Kí ló wá dé tí ara fi sọ pé a ń já bọ́? Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ tàbí igi ìfọtí kò lè dé, àwọn òkúta tó kéré ju iyanrìn lọ wà, wọ́n jókòó lórí ohun rírọ̀ kan tó dà bí ẹ̀kọ. Bí ara bá ń yára sí i, wọ́n á sún sẹ́yìn, irun wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ wọn á tẹ̀, ọpọlọ á sì mọ̀ pé a ń lọ. Ṣùgbọ́n ìyípadà nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ. Ẹni tó ń gòkè kíákíá tó wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n máa jẹ́ fún ọpọlọ nípa rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń já bọ́. Ojú ló lè tú irọ́ yẹn.

Nítorí náà, àṣìṣe ńlá ni kéèyàn di ojú tàbí kó ti fèrèsé pa nígbà tí bàálù bá ń gbéra. Ẹ wo ìta. Bí ilé bá ń kéré sí i, ẹ ń gòkè nìyẹn. Bí òkùnkùn bá wà tàbí tí ìkùukùu bo ìta, ẹ rántí pé dídín ni ìyára gígòkè dín, ọkọ̀ ṣì ń gòkè. Ẹ tún máa ka ohùn náà bó ṣe ń bọ̀: ẹsẹ̀ wọlé, ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, lẹ́yìn náà wùùù lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí abala ìyẹ́ bá ń padà. Ẹni tó mọ ohùn tó kàn kì í ta gìrì nígbà tó bá dún. Tíń-tíń tó ń dún lókè orí ńkọ́? Àwọn awakọ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù ló ń pe ara wọn, bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ pé wọ́n lè dìde.

Ẹ má ṣe di èémí mú, ẹ má sì mí hẹlẹ-hẹlẹ

Bí bàálù bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọ̀pọ̀ á di apá ìjókòó mú, wọ́n á di èémí mú, lẹ́yìn náà wọ́n á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tó sáré gun òkè. Mímí báyẹn máa ń lé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ jáde ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ara nílò díẹ̀ nínú rẹ̀. Ètè á máa ṣe yìnrìnyìnrìn, ìka á máa ṣe é, orí á máa fò. Onítọ̀hún á wá rò pé àìsàn ọkàn ti dé, ẹ̀rù á di méjì. Ẹ fi imú mí sínú, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kí ẹ fi ẹnu tú u síta jẹ́jẹ́ dé ẹ̀fà. Bí ẹ bá ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, yìnrìnyìnrìn náà á lọ. Ẹ gbàdúrà bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ máa mí nínú rẹ̀.

Kí ló ń mì bàálù gan-an? Afẹ́fẹ́ tí kò dọ́gba ni. Oòrùn ọ̀sán máa ń mú páànù, àpáta àti oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro gbóná ju igbó àti odò lọ, afẹ́fẹ́ orí wọn á máa gòkè ní tirẹ̀, ti orí odò á máa rọlẹ̀. Bàálù tó bá gba àárín wọn kọjá á mì. Ìdí nìyẹn tí bàálù àárọ̀ kùtùkùtù fi sábà máa ń mì kéré sí ti aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀, kódà bó bá gba pé kí ẹ sùn sí Ìkẹjà mọ́jú. Ní àsìkò òjò, ìkùukùu tó ń sán àrá ni awakọ̀ ń sá fún. Rádà iwájú bàálù ń fi í hàn án, ó sì máa ń yà kúrò lọ́nà rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ihò afẹ́fẹ́” tí àwọn èèyàn ń pè é, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò dá ihò lu, bàálù kò sì lè já sínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà tí inú bá sọ pé a ti já bọ́ láti òkè àjà, mítà díẹ̀ péré ni ọkọ̀ yí kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ gbé ìgò omi tó kún dé ìdajì sórí tábìlì ìjókòó yín, kí ẹ wo omi inú rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó ń mì bí omi inú ike tó wà nínú mọ́tò tó ń gun títì tí kò dáa. Irọ́ etí nìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyẹ́ tó ń mì tẹ̀ẹ̀rẹ̀ lójú fèrèsé, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Èyí tó bá gan, tí kò lè tẹ̀, ló máa ṣẹ́. Òfin ni pé kí ìyẹ́ lè gbé ẹrù tó tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ èyí tó wúwo jù tí wọ́n retí pé ó lè bá pàdé lójú òfurufú, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ó kéré tán, láìṣẹ́.

Ewu tó wà nínú mímì bàálù, ará inú ọkọ̀ tí kò de bẹ́líìtì ló sábà máa ń bá. Òun ló máa fi orí gbá àjà. Àṣìṣe ni láti tú bẹ́líìtì nígbà tí iná rẹ̀ bá kú. Ẹ dè é sí orí egungun ìbàdí, kì í ṣe orí ikùn, kó sì fún un dé ibi tí ọwọ́ kan lè wọ̀ tẹ̀ẹ̀rẹ̀. Ìjókòó tó wà lórí ìyẹ́ máa ń mì kéré sí ti ẹ̀yìn. Ẹ bèèrè fún un nígbà tí ẹ bá ń gba káàdì ìwọlé. Ọtí líle láti fi pa ẹ̀rù? Rárá, pàápàá pẹ̀lú oògùn oorun. Méjèèjì lápapọ̀ lè dín èémí kù.

Ẹ má ṣe sùn nígbà tí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀

Lókè níbi tí bàálù ń fò, afẹ́fẹ́ ìta kò pọ̀ tó èyí tí èèyàn lè mí. Wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀, ìlẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìn sì ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀, kó lè dúró déédéé. Àmọ́ wọn kì í sọ ọ́ di bíi ti ilẹ̀ pátápátá: ohun tí ara ń gbọ́ kò ju ti orí òkè tó ga tó 2,400 mítà lọ.

Ẹ ṣe èyí wò: ẹ mu omi inú ìgò ike tán nígbà tí bàálù bá wà lókè pátápátá, kí ẹ dé e dáadáa. Bí ẹ bá balẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wọlé, bí ẹni pé ẹnì kan fún un lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Ohun kan náà ni afẹ́fẹ́ ń ṣe fún awọ tín-ín-rín inú etí yín. Ihò tóóró kan wà láàárín etí àti ẹ̀yìn imú. Bí bàálù bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀kalẹ̀, ihò náà máa ń padé mọ́ra, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ ṣí i.

Bí wọ́n bá kéde pé a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ó máa ń kù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 ká balẹ̀. Ẹ jí, kí ẹ máa gbé itọ́ mì tàbí kí ẹ máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù láti ìgbà yẹn, ẹ má dúró dìgbà tí etí bá dí. Bó bá dí, ẹ fún imú pa, kí ẹ gbé itọ́ mì. Bí kò bá ṣí, ẹ fún imú pa, kí ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fẹ́ eérú kúrò lórí búrẹ́dì. Àwọn tó ń fẹ́ ẹ tagbáratagbára ló ń ba etí jẹ́. Ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ mu ọmú nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kó ti yó kí àkókò náà tó dé.

Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá di imú rẹ̀ pa, tí kò lè mí gbà á, ó sàn kó sún ìrìn-àjò rẹ̀ síwájú. Bí kò bá ṣeé sún, kó bèèrè lọ́wọ́ oníṣòwò oògùn tó kàwé nípa oògùn àfisímú tó ń ṣí imú, kó sì fi sí i ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí bàálù tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Bí etí bá ṣì dí lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tàbí tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ má sì wọ bàálù ìpadàbọ̀ kí etí náà tó ṣí.