Kọ́nkéré tánkì abẹ́ ilẹ̀ tán kí wọ́ọ̀lù tó dé ìdajì, kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ń ṣe tánkì omi abẹ́ ilẹ̀ sílé mi ní Ọba-Ilé l'Ákùúrẹ́ níbí. Inú ẹ̀ jẹ́ mítà 3 ní gígùn, mítà 2 ní fífẹ̀, mítà 2 ní jíjìn, bẹ́ẹ̀sì ìsàlẹ̀ àti wọ́ọ̀lù nípọn sẹ̀ntímítà 20. Mo ṣírò ẹ̀, kúbíkì mítà 5.2 ló jáde, mo fi símẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, gíránáìtì 4, ìyẹn 1:2:4, pín in, mo ra símẹ́ǹtì àpò 22. Bẹ́ẹ̀sì ti wà nílẹ̀, àmọ́ símẹ́ǹtì tán nígbà tí wọ́ọ̀lù ga tó sẹ̀ntímítà 80 péré. Ṣé àwọn bíríkìlà yìí ò ti gbé símẹ́ǹtì mi lọ báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lé bíríkìlà lọ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ìṣirò yẹn wò, torí mo ti rí ibi tí 5.2 yẹn ti wá. Ẹ mú 3 lọ́nà 2 lọ́nà 0.2 fún bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn 1.2, ẹ wá yí inú tánkì ká, 3 àti 2 àti 3 àti 2, mítà 10, ẹ sọ ọ́ di 4 kúbíkì mítà fún wọ́ọ̀lù. Ìwọ̀n inú lẹ lò fún gbogbo ẹ̀. Ìwọ̀n inú yẹn, iye omi tí tánkì máa gbà ló ń sọ, lítà 12,000, kì í ṣe iye kọ́nkéré.

Orí bẹ́ẹ̀sì ni wọ́ọ̀lù jókòó lé, torí náà bẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́ wọ́ọ̀lù kọjá dé ìta. Ẹ fi 20 kún un lọ́tùn-ún, 20 lósì, 3 di 3.4, 2 di 2.4. Ti wọ́ọ̀lù wá ni tàwọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tẹ́ ẹ bá lo ìwọ̀n inú yíká, ẹ ò ka igun kankan, ẹ ti fi 0.32 sílẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá lo ìwọ̀n ìta yíká, ẹ máa ka igun kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, 0.32 yẹn náà lẹ máa fi lé e. Èyí tí mo máa ń ṣe tí kì í dàrú ni kí n mú ojú ilẹ̀ ìta, kí n yọ ojú ilẹ̀ inú kúrò nínú ẹ̀, ohun tó kù ni òrùka wọ́ọ̀lù, kí n wá mú un lọ́nà gíga:

```
3.4 x 2.4 x 0.2 = 1.632
(3.4 x 2.4 - 3 x 2) x 2 = 4.32
1.632 + 4.32 = 5.952
```

Nítorí náà 5.952 ló yẹ kó jẹ́, kì í ṣe 5.2. Àmọ́ ìyẹn nìkan ò lè jẹ́ kí wọ́ọ̀lù dúró sí 80, èyí tó dùn yín jù ń bọ̀.

Ẹ mú 5.2 ẹ pín in sí 7 (1 àti 2 àti 4), ẹ sọ símẹ́ǹtì ẹ̀ di àpò, 22 bọ́ síta. Kọ́nkéré tó ti di ọ̀kan lẹ pín yẹn o, bẹ́ẹ̀ sì rèé ohun gbígbẹ lẹ fẹ́ rà. Tẹ́ ẹ bá da gàrí kọ́ńgò kan sórí ẹ̀wà kọ́ńgò kan tẹ́ ẹ mì ín pọ̀, kò ní kún kọ́ńgò méjì, gàrí á ti wọ àárín ẹ̀wà. Bí yanrìn ṣe ń wọ àárín gíránáìtì nìyẹn, símẹ́ǹtì tún ń wọ àárín yanrìn, omi á wá kó gbogbo ẹ̀ mọ́ra, ó máa ń sún kì dáadáa. Ohun táwa máa ń lò ni pé kúbíkì mítà kan kọ́nkéré tútù, 1.54 ohun gbígbẹ ló ń jẹ. Tẹ́ ẹ bá ṣe é délẹ̀, tí àpò símẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50, 1:2:4 á jẹ àpò 6.34 ní kúbíkì mítà kan, 1:1.5:3 á jẹ àpò 8 àti díẹ̀. Nọ́ńbà méjì yìí ni kẹ́ ẹ há sórí, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ tún máa pín nǹkan sí 7 mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá olè ja. Àpò 22 pín sí 6.34, kọ́nkéré 3.47 ló lè mú jáde, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀sì gba 1.632, ó ku 1.84. Òrùka wọ́ọ̀lù yín, ojú ẹ̀ jẹ́ 2.16, ẹ pín 1.84 sí 2.16, wọ́ọ̀lù á ga sẹ̀ntímítà 85. Ẹ̀yin ní 80. Sẹ̀ntímítà 5 tó kù yẹn ò ju kọ́nkéré 0.108 lọ, tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀sì kò nípọn tó sẹ̀ntímítà kan àtààbọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣọ́bìrì gbẹ́ kì í tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ jàre, pàápàá lọ́dọ̀ wa l'Ákùúrẹ́ tí òkúta abẹ́ ilẹ̀ máa ń yọrí níbi tẹ́ ò ro, ẹ̀gbẹ́ kan á jìn ju ìkejì. Torí náà símẹ́ǹtì yín wà nínú tánkì. Tí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ ka àpò òfìfo, àwọn lébìrà sábà máa ń kó o jọ síbì kan.

Ìbéèrè: Ọ̀gá ẹ ṣeun, ẹ ò jẹ́ kí n ṣẹ̀ sáwọn ọmọ ọlọ́mọ. Àpò mélòó ni kí n wá rà báyìí? Ṣé wọ́n kàn lè máa da èyí tó kù lé orí èyí tó ti gbẹ ni?

Ìdáhùn: Ó ku mítà 1.2 kó dé òkè, lọ́nà 2.16, ìyẹn 2.592. Ẹ fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún èyí tó máa dànù, ó di 2.72. Tánkì omi ni, èmi ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ tún lo 1:2:4, ẹ lo 1:1.5:3, lọ́nà 8.06, àpò 22 náà ni. Yanrìn ẹ̀ jẹ́ kúbíkì mítà 1.14, gíránáìtì 2.29. Tó bá jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ lẹ ti lo 1:1.5:3 fún gbogbo tánkì ni, àpò 48 ni ì bá gbà, ẹ ti wá rí i pé 22 àkọ́kọ́ ò lè dé ibì kankan.

Kí wọ́n má fi ṣọ́bìrì wọn yanrìn o. Ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí pákó kan tí inú ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 35 sí 33 sí 30, ohun tó gbà jẹ́ àpò símẹ́ǹtì kan gééré. Sí símẹ́ǹtì àpò kan, yanrìn àpótí kan àtààbọ̀, gíránáìtì àpótí mẹ́ta, kí wọ́n fi pákó gé orí ẹ̀ dọ́gba. Yanrìn tútù máa ń wú, ẹ bu tútù díẹ̀ kún un, omi inú ẹ̀ náà ẹ rántí yọ ọ́ kúrò nínú omi tẹ́ ẹ fẹ́ dà.

Ti pé kí wọ́n kàn máa dà á lé e, rárá. Ojú ibi tí kọ́nkéré ti dúró yẹn ni omi máa ń gbà jáde lẹ́yìn ọ̀la, bóyá wọ́ọ̀lù nípọn tàbí kò nípọn. Òkè ẹ̀ ní ìyẹ̀fun símẹ́ǹtì funfun kan tí ò lágbára, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣísẹ́ẹ̀lì há a títí gíránáìtì á fi yọjú, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, kó tutù àmọ́ kí omi má dúró lórí ẹ̀, kí wọ́n wá fi símẹ́ǹtì pípò kùn ún, kí wọ́n sì da kọ́nkéré lé e kí ìyẹn tó gbẹ. Irin gbọ́dọ̀ yọrí sókè láti ìsàlẹ̀ kọjá ojú yẹn. Rọ́bà kan wà tí wọ́n ń tẹ́ sí àárín wọ́ọ̀lù níbẹ̀, tí omi bá kàn án ó máa ń wú dí ojú, tẹ́ ẹ bá rí i rà ẹ má wo owó ẹ̀. Ìsàlẹ̀ tó jẹ́ 1:2:4 yẹn ni omi máa tẹ̀ jù, torí náà ẹ má fi ìrẹ́ inú pẹ̀lú símẹ́ǹtì tí kì í jẹ́ kí omi gbà kọjá ṣeré.

Ohun kan ṣì wà, òjò ò jìnnà mọ́. Kọ́nkéré yín lódindi máa wúwo tó tọ́ọ̀nù 14. Tómi abẹ́ ilẹ̀ bá ga tó mítà 1.75 yí tánkì òfìfo ká, ó lè gbé e sókè. Tí wọ́n bá ti da wọ́ọ̀lù tán tó ti le dáadáa, ẹ bu omi kún un, ẹ fi í sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan kó mu omi tó fẹ́ mu, ẹ wá fi ìṣó sàmì sójú omi. Tó bá ṣì ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ojú ìsopọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó da iyẹ̀pẹ̀ padà sẹ́yìn wọ́ọ̀lù.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ni tánkì ìgbọ̀nsẹ̀ nílùú Oǹdó, oníyàrá méjì, inú ẹ̀ lápapọ̀ 2.4 sí 1.2, jíjìn 1.5, gbogbo ẹ̀ nípọn sẹ̀ntímítà 15. Mo lo fọ́múlà yín, 2.36 ló jáde, mo mú un lọ́nà 6.34, mo ra àpò 15. Kò tó, ó fi bí àpò méjì dín.

Ìdáhùn: Fọ́múlà òrùka yẹn, wọ́ọ̀lù ìta nìkan ló ń kà. Wọ́ọ̀lù àárín tó pín yàrá méjèèjì ńkọ́? Ìwọ̀n inú lẹ máa lò fún ìyẹn, torí àárín wọ́ọ̀lù méjì ló há sí: 1.2 lọ́nà 0.15 lọ́nà 1.5, ó jẹ́ 0.27, lọ́nà 6.34, àpò 1.7. Àpò méjì yín nìyẹn. Ihò tí omi ń gbà kọjá sí yàrá kejì kéré, èmi kì í yọ ọ́. Bí páìpù náà nìyẹn.

Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ṣé wọ́n kan pákó sí ẹ̀yìn wọ́ọ̀lù ni, àbí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n fi ṣe pákó ìta? Ilẹ̀ pupa wa yìí máa ń dúró dáadáa, ọ̀pọ̀ bíríkìlà ló ń fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà nínú ẹ̀, ó kàn ń jẹ kọ́nkéré ni. Tí ilẹ̀ bá fi sẹ̀ntímítà 3 sá sẹ́yìn yíká, 8.4 lọ́nà 1.5 lọ́nà 0.03, kúbíkì mítà 0.38 ti wọlé, àpò méjì àtààbọ̀ sì rèé. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí wọ́n tó da wọ́ọ̀lù, màá fi tépù wọn àlàfo láti pákó inú dé ara ilẹ̀, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, màá ro wọ́n pọ̀, màá pín in sí iye ibi tí mo wọ̀n, ìyẹn ni màá fi ṣírò, mi ò ní lo 15 tó wà nínú ìwé. Ìdérí náà, ẹ ṣírò ẹ̀ lọ́tọ̀, kò sí nínú 2.36 yẹn.