Bí A Ṣe Ń Fèsì fún Àhesọ nípa Ilé-Ìwé

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, àhesọ tàn ká gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà pé àwọn sójà ń gún ọmọ ilé-ìwé ní abẹ́rẹ́ tó ń fa àìsàn mọ́ńkípọ́ọ̀sì, àwọn òbí sì sáré lọ kó ọmọ wọn nílé-ìwé. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú: àwọn sójà ń ṣètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ fún ará ìlú lóòótọ́ nígbà náà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú àhesọ náà kí ẹ tó pè é ní irọ́.

Ká ní wọ́n ń sọ pé wọ́n fipá gún àwọn ọmọ ilé-ìwé yín ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ yẹ ìwé àlejò wò, ẹ bi olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pe òbí ọmọ tí wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Bí ìwádìí kò bá tíì parí, ẹ sọ fún àwọn òbí pé ẹ ń wádìí, kí ẹ dá aago tí wọn yóò gbọ́ èsì, kí ẹ má sì yẹ àdéhùn náà.

Òótọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ èsì yín, kì í ṣe àhesọ, nítorí ohun téèyàn kọ́kọ́ kà ló máa ń rántí. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ̀yin òbí wa, a kí yín. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òṣìṣẹ́ ìlera méjì láti ìjọba ìbílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ti fọwọ́ sí ìwé ní oògùn aràn oníhóró. Wọn kò gún ọmọ kankan ní abẹ́rẹ́. Ọmọ kan bì lẹ́yìn tó lò ó. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sílé, ara rẹ̀ sì ti yá. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí wà ní ọ́fíìsì wa, kí òbí kọ̀ọ̀kan wá wo tirẹ̀ láti aago mẹ́jọ sí aago méjì.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò fi ọmọ tó bì pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò dárúkọ rẹ̀. Bí a bá fi í pamọ́, aládùúgbò tó rí i yóò ka gbogbo ìyókù sí irọ́. A kò bú ẹni tó tan ọ̀rọ̀ náà ká, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òbí tí ẹ̀rù ń bà.

Kí ọ̀gá ilé-ìwé fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kí ó fi ohùn ka ọ̀rọ̀ kan náà sórí Wáásápù fún àwọn ìyá àgbà tí kò lè kàwé, kí alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì fi í síbi tí àhesọ náà ti ń jà. Ẹni tó bá ń bá a lọ láti bú yín, ẹ fún un lésì kan ṣoṣo, kí ẹ sì pè é lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ọmọ kan lo oògùn láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i, ẹ lọ bá òbí náà nílé kí ẹ tó kọ ohunkóhun síta, kí ẹ sì sọ ọ́ nínú èsì náà.