Má tètè dìlíìtì o: àṣìṣe tá a máa ń ṣe tí wọ́n bá bú wa lábẹ́ pósítì wa

Okun o gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí Fesibúùkù, láti Kàbà dé Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ọwọ́ ara wa la fi ń ba ẹ̀rí wa jẹ́.

Ká ní aúńtí kan ń ta gààrí ní Kàbà, ó ní péèjì, ó gbé fọ́tò gààrí tuntun síbẹ̀. Ẹnì kan wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Olè ni obìnrin yìí, mo mọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, a máa dáná sun ún." Àwọn oníbàárà mẹ́ta ti dá a lóhùn pé irọ́ ni, àwọn ti ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ tipẹ́. Inú bí aúńtí, ó tẹ "Delete" lójú ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣì í. Tó o bá dìlíìtì kọ́mẹ́ǹtì, gbogbo èsì tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń bá a lọ, ìyẹn ni pé ẹ̀rí àwọn oníbàárà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ti lọ. Kò sì lè ríipọ́ọ̀tù ohun tí kò sí mọ́. Tí ẹni yẹn bá tún padà wá lálẹ́, tí aúńtí wá gbà pé á dáa kóun lọ sí tẹ́ṣàn, kí ló fẹ́ fi han ọlọ́pàá?

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni kó ya fọ́tò ojú fóònù ẹ̀ kí orúkọ ẹni náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀ àti àkókò tó kọ ọ́ hàn dáadáa, kó má gé ibì kankan kúrò, kí pósítì fúnra ẹ̀ náà hàn. Lẹ́yìn náà kó ṣí pùrófáìlì ẹni yẹn kó kọ́pì líǹkì ẹ̀ pa mọ́, torí àwọn èèyàn yìí máa ń yí orúkọ padà. Ìgbà yẹn ló tó máa tẹ kọ́mẹ́ǹtì náà mọ́lẹ̀, kó mú ibi tí wọ́n kọ "Report" sí. Kó mú ìdí tó bá a mu o, ti ìhàlẹ̀ pé èèyàn fẹ́ ṣe ẹlòmíì léṣe, kó má kàn mú "Spam" torí pé òun ló kọ́kọ́ rí. Fesibúùkù ò ní sọ fún ẹni yẹn pé aúńtí ló ríipọ́ọ̀tù ẹ̀. Ìgbà tá a bá ń pe gbogbo ẹgbẹ́ àti mọ̀lẹ́bí lórí Wọ́sáàpù pé kí wọ́n wá bá wa ríipọ́ọ̀tù, a kàn ń ṣe wàhálà lásán ni, Fesibúùkù fúnra wọn sọ pé kì í ṣe iye èèyàn tó ríipọ́ọ̀tù ló ń jẹ́ káwọn yọ nǹkan kúrò, bóyá ó lòdì sí òfin àwọn ni.

Ríipọ́ọ̀tù náà kì í bo kọ́mẹ́ǹtì mọ́lẹ̀, á ṣì wà níta títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè fẹ́ tẹ "Hide comment" nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ibí yìí làwa ará Okun gbọ́dọ̀ ṣọ́ra sí ju àwọn ará ìlú ńlá lọ: lórí péèjì, kọ́mẹ́ǹtì tó o háìdì ṣì ń hàn sí ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ní ìlú tí gbogbo wa ti mọra, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ yẹn lè jẹ́ oníbàárà rẹ gan-an. Torí náà, irọ́ àti ìhàlẹ̀ báyìí, tí ẹ̀rí bá ti wà nílẹ̀, tó o sì ti ríipọ́ọ̀tù ẹ̀, dìlíìtì ẹ̀ kó o sì bílọ́ọ̀kì ẹni náà lórí péèjì. Háìdì dáa fún òpònú tó kàn ń wá ariwo, torí kò ní mọ̀ pé o ti bò ó.

Ẹlòmíì á ní òun ti fi ẹni tó ń bú òun sí "Restricted", pé ẹnikẹ́ni ò ní rí ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Ti Ínsítágíráàmù ló dà bẹ́ẹ̀ o! Níbẹ̀, kọ́mẹ́ǹtì ẹni tó o fi sí i, òun nìkan láá máa rí i àyàfi tó o bá gbà á wọlé. Ti Fesibúùkù yàtọ̀ pátápátá: àwọn ọ̀rẹ́ orí àkáǹtì tìrẹ nìkan lò ń fi sí i, wọn ò ní rí pósítì tó o ṣe fún àwọn ọ̀rẹ́ nìkan mọ́, àmọ́ èyí tó wà ní "Public" wọ́n á rí i, wọ́n á sì lè bú ẹ lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ má sì da ẹni tó ń bú yín pọ̀ mọ́ ẹni tó ń ráhùn. Ẹni tó ní "gààrí tí mo rà ní yanrìn nínú," má háìdì ẹ̀, bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo ayé kó o sì bá a pààrọ̀ ẹ̀.

Ti ọ̀rọ̀ dídáná sun ṣọ́ọ̀bù yẹn, Fesibúùkù nìkan ò tó. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ṣe ní 2015, tí wọ́n tún ṣàtúnṣe sí ní 2024, mú ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù halẹ̀ mọ́ èèyàn. Kí aúńtí tẹ fọ́tò ojú fóònù yẹn sórí bébà, kó kọ líǹkì pùrófáìlì náà sábẹ́ ẹ̀, kó mú un lọ sí tẹ́ṣàn lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì má pa èyí tó wà nínú fóònù rẹ́.