Bọ́tìnnì ìparí pééjì mi, àti owó tó gbé lọ

₦40,000 ni mo kó lé ìpolówó lórí Fésíbúùkù, èèyàn méjì péré ló forúkọ sílẹ̀. Méjì o! Kíláàsì tí mò ń polówó náà, gígé bùbá àti ìró láìlo pátánì, ₦12,000 ni mò ń gbà lórí ẹ̀, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mò ń wo fóònù, ó dà bíi pé mo kó owó lọ dà sódò Ògùnpa.

Pééjì tí ìpolówó yẹn ń gbé èèyàn lọ ò burú o, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, àwọn fọ́tò tó wà níbẹ̀ dáa, mi ò ní máa ròyìn bí mo ṣe ṣe ìyẹn. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó yẹ kéèyàn ti sọ pé òun ń bọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà, àmọ́ mi ò tètè mọ̀. Bọ̀dá tó bá mi ṣe pééjì náà ní àwọ̀ bọ́tìnnì ni, pé àwọ̀ ewé kì í fa èèyàn mọ́ra, ó sọ ọ́ di pupa, ó gba ₦10,000. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ẹnì kan ṣoṣo ló forúkọ sílẹ̀, ẹni yẹn gan-an, ọ̀rẹ́ mi ni.

Àbúrò mi ọkùnrin ló wá ní ká kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn èèyàn tiẹ̀ ń dé ìsàlẹ̀. Ó ṣí Google Analytics, ibi tí wọ́n ti ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe lórí pééjì. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ `scroll`, ìgbà tí èèyàn bá ti yí pééjì dé 90% ló máa ń kà á, òmíràn sì ń jẹ́ `click`, ìyẹn ń ka ẹni tó bá tẹ líǹkì tó máa gbé e kúrò lórí pééjì lọ síbòmíì. Bí pééjì bá kúrú, `scroll` ò lè sọ nǹkan gidi fún ẹ torí kò sí ẹni tí kò ní dé ìsàlẹ̀, àmọ́ tèmi gùn. Lọ́sẹ̀ yẹn, èèyàn 140 ló wọlé, 58 dé ìsàlẹ̀, àwọn tó tẹ nǹkan sì jẹ́ 11. Mo ti ń yọ̀ pé 11 kúkú dáa, àfi ìgbà tí àbúrò mi wo líǹkì tí wọ́n tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ nínú wọn ti gba orí àmì Ínsítágíráàmù àti Yútúùbù tí mo fi sábẹ́ bọ́tìnnì jáde! Èmi ni mo fi owó mi kó wọn wá láti Fésíbúùkù, èmi náà ni mo tún la ọ̀nà míì fún wọn láti máa lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni mo yọ àwọn àmì yẹn kúrò, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnnì, ibẹ̀ ni mo sùn sí. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni `Submit`, bí wọ́n ṣe bá a nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe pééjì ni wọ́n fi í sílẹ̀, lókè ẹ̀ ni mo wá kọ "Ẹ tẹ ibí láti tẹ̀síwájú" sí. Tẹ̀síwájú lọ síbo? Mo jókòó lóru ọjọ́ kan mo kọ méje míì, "Ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ o", "Àsìkò nìyí", irú ẹ̀ ṣáá, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo kà wọ́n, ṣe ló dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí nínú dáńfó. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo tún kọ mẹ́rin, wọn ò sàn jùyẹn lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ti ń sú mi torí aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn.

Ohun tó gbà mí ni pé mo pe àwọn márùn-ún kan tí wọ́n ti bi mí léèrè rí tí wọn ò forúkọ sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀, kí ló dá wọn dúró. Màmá kan ní, "Ọmọ mi, mo débẹ̀, mo rí nǹkan pupa yẹn, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ṣé wọn ò ní yọ owó mi ní báńkì?" Ha! Èmi ń bá àwọ̀ jà, ẹ̀rù ló ń ba màmá. Ẹlòmíì bi mí bóyá ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lókè pééjì gbàgàdà, àmọ́ kó tó yí i dé ìsàlẹ̀ ó ti gbàgbé, mi ò lè bá a jà. Mo wá rí i pé ìbéèrè tó ṣì wà lọ́kàn ẹni tó ti kàwé tán ló yẹ kí ìsàlẹ̀ dáhùn. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Gígé bùbá àti ìró, Sátidé mẹ́rin, ₦12,000. Ẹ mú sísọ́ọ̀sì àti téèpù wá, ẹ̀rọ ò pọn dandan. Èèyàn mẹ́jọ ni ṣọ́ọ̀bù mi gbà."

Orí bọ́tìnnì: "Mo fẹ́ àyè ní kíláàsì Sátidé".

Abẹ́ ẹ̀, ní lẹ́tà kékeré: "Wasáàpù ló máa ṣí, a máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná. Ẹ ò ní sanwó lórí pééjì yìí."

Bọ̀dá yẹn tún ní kí n fi aago tó ń ka wákàtí sẹ́yìn síbẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé bó o bá tún pééjì ṣí, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo ní rárá o. Àwọn oníbàárà mi mọra wọn, ẹni méjì á ṣí i lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mẹ́jọ tí mo kọ yẹn, àga mẹ́jọ ni mo ní lóòótọ́.

Mo rò pé ó ti parí, mi ò mọ̀ pé líǹkì Wasáàpù ń dúró dè mí. Mo kọ nọ́ńbà mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ fún èèyàn, mo fi òdo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Wasáàpù ní nọ́ńbà yẹn ò dáa. 234 ló yẹ kó ṣáájú, láìsí òdo, láìsí àmì ìròpọ̀, láìsí àlàfo kankan láàárín. Mo tún ìyẹn ṣe. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àmọ́ gbogbo wọn ń sọ pé "Mo fe aye ni kilaasi buba", kò sẹ́ni tó dárúkọ ìró, inú bí mi, mo rò pé ṣe ni wọ́n fẹ́ kọ́ ìlàjì kí wọ́n lè ná owó wálẹ̀, mo tiẹ̀ ti fèsì le fún ẹnì kan. Ọjọ́ méjì gbáko! Àṣé líǹkì yẹn ló ń bá wọn kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, èmi ni mo sì kọ "buba & iro" sínú ẹ̀, àmì `&` yẹn sì ni líǹkì fi ń mọ̀ pé nǹkan míì ti bẹ̀rẹ̀, ó gé ìró dànù. `%26` ló yẹ kéèyàn kọ dípò ẹ̀, `%20` sì ni àlàfo:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20fe%20aye%20ni%20kilaasi%20buba%20%26%20iro
```

Ẹni tí mo fèsì le fún yẹn, mo bẹ̀ ẹ́, ó dárí jì mí, ó sì sanwó. Bó o bá ṣe tìẹ tán, fi fóònù ẹlòmíì tẹ̀ ẹ́ kó o tó kó owó lé ìpolówó, kó o sì ka ohun tó wọlé dópin, ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá tí fèsì le fún ẹnikẹ́ni.

₦15,000 péré ni mo tún fi polówó lẹ́yìn ìyẹn, èèyàn mẹ́sàn-án kàn sí mi, mẹ́fà sanwó. Mi ò lè búra pé èyí pàtó ló ṣe é, torí mo yí nǹkan mẹ́ta pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn ò sì tíì pọ̀ tó láti fi dájọ́. Àmọ́ ìlà kékeré abẹ́ bọ́tìnnì yẹn ni mo fura sí, torí látìgbà yẹn kò tíì sẹ́ni tó bi mí nípa báńkì mọ́. Bọ́tìnnì náà ṣì pupa o. Mi ò ní ₦10,000 míì tí mo fẹ́ fún bọ̀dá yẹn kó tó dá a padà.